Ìpè Àkọ́kọ́ Pẹ̀lú Olùrà: Bí Ìbéèrè Rẹ̀ Ṣe Ń Mú Wa Dé Ìdí Ìṣòro Òwò Rẹ̀

Lẹ́nu iṣẹ́ títa sọ́fítíwíà tí àwọn ilé oògùn fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ọjà, ìbéèrè méjì ni mo sábà máa ń gbọ́ kí ìpè àkọ́kọ́ tó pé ìṣẹ́jú 5. Ọ̀kan ni “Èló ni?” Èkejì ni “Ṣé ó lè ṣe báyìí, ṣé ó lè ṣe báyẹn?” Olùtajà tí ó mọ ọjà rẹ̀ dénú máa ń yára dáhùn, nítorí pé ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì rò pé bí àlàyé bá ṣe kún tó ni ọjà yóò ṣe yá tó. Ohun tí ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé olùrà yóò ní, “Ó dáa, ẹ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù.” A ó fi ránṣẹ́, a kò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo wọ iṣẹ́ yìí, ẹnì kan tí ó ní ilé oògùn bi mí bóyá sọ́fítíwíà wa lè kìlọ̀ bí ọjọ́ oògùn bá fẹ́ kọjá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé bí ìkìlọ̀ náà ṣe ń jáde àti bí a ṣe ń yí i padà. N kò bi í léèrè pé oògùn wo ni ọjọ́ rẹ̀ kọjá mọ́ ọn lọ́wọ́, ìgbà wo ni, àti èló ni ó bá a lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo gbọ́ pé ó ti ra ti ẹlòmíràn. Ẹni náà kò ní ìkìlọ̀ tí ó dára ju tiwa lọ. Ohun tí ó ṣe ni pé ó béèrè ohun tí èmi kò béèrè.

Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹni tí ó bá béèrè pé “Ṣé òṣìṣẹ́ lè pa ohun tí ó ti tẹ̀ rẹ́?” ti rí ibi tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́ rí, tàbí kí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó sún mọ́ ọn. Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣètò ìpè àkọ́kọ́ nísinsìnyí ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, èyí tí ó fi jẹ́ pé ìbéèrè tí olùrà fúnra rẹ̀ mú wá ni ó ń tọ́ wa dé ibi tí owó rẹ̀ ti ń jò. Àpẹẹrẹ kan ni n ó fi ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo hun àpẹẹrẹ náà pọ̀ láti ara ìpè mélòó kan, kí ó má baà jẹ́ àṣírí ẹnikẹ́ni ni mo ń tú: obìnrin kan tí ó jẹ́ apoògùn, tí ó ní ilé oògùn mẹ́ta ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Bódìjà, ọ̀kan ní Mọ́kọ́lá, ẹ̀kẹta ní Ríǹgì Róòdù.

Kí a tó pè é

Ogún ìṣẹ́jú tó fún ìmúrasílẹ̀. Mo máa ń wá iye ẹ̀ka tí ó ní, bí wọ́n ṣe jìnnà síra, àti wákàtí tí wọ́n ń ṣí àti èyí tí wọ́n ń tì. Mo máa ń bi ẹni tí ó so wá pọ̀ pé kí ni olùrà náà sọ gan-an nígbà tí ó ní òun ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, mo ń kọ àbá kan ṣoṣo sórí ìwé nípa ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa dà á láàmú. Fún obìnrin yìí, mo kọ pé: “Ilé oògùn mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni wọ́n. Kò lè wà níbi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.” Àbá lásán ni, mo sì múra tán láti fa igi lé e lórí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá gba ibòmíràn lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i:

“Ẹ kú alẹ́ mà. Ìpè wa ti ọ̀la, aago 10 àárọ̀, yóò gba ìṣẹ́jú 35. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fẹ́ kí n dáhùn sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.”

N kì í fi ìwé ìpolówó ọjà wa ránṣẹ́ ṣáájú ìpè náà. Bí mo bá fi í ránṣẹ́, ohun tí olùrà kà nínú rẹ̀ ni yóò máa bi mí léèrè, ìbéèrè rẹ̀ yóò sì di tiwa. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ìbéèrè náà ti wá, kí ó jókòó ní alẹ́ lẹ́yìn tí ó ti ti ilẹ̀kùn tán, kí ó sì ronú lórí ohun tí ó mú kí ọjọ́ náà le fún un.

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́

A kì í fo ìkíni. “Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá,” kí a sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa. Olùtajà tí ó bá sáré wọ inú ọ̀rọ̀ owó kí ìkíni tó tán ti mú kí ara fu olùrà. Lẹ́yìn ìkíni ni mo wá máa ń sọ bí ìpè náà yóò ṣe lọ:

“Ìṣẹ́jú 35 ni a jọ fi sí i, mà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo ìbéèrè yín, kí n tó máa dáhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti ń dáhùn, n ó máa bi yín bí nǹkan ṣe ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ìdáhùn mi lè bá tiyín mu. Nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú 5, a ó jọ wò ó bóyá ó yẹ kí a tẹ̀síwájú. Bí mo bá rí i pé ohun tí a ní kò bá tiyín mu, n ó sọ fún yín.”

Gbólóhùn tí ó sọ pé “n ó máa bi yín” ṣe pàtàkì ju bí a ṣe lè rò lọ. Ẹni tí a kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀, tí a wá ń bi ní iye tí ó ń tà àti iye tí ó ń pàdánù, yóò rò pé òṣìṣẹ́ agbowó-orí ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ gbígba ohùn sílẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gba ohùn ìpè náà sílẹ̀ kí n lè tún un gbọ́, ìhín ni mo ti ń tọrọ àyè, mo sì ń sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Láti ìgbà tí Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ti jáde, ọ̀rọ̀ ohùn tí a gbà sílẹ̀ ti kọjá ìwà ọmọlúàbí nìkan. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, bíírò àti ìwé ti tó.

Gba gbogbo ìbéèrè sílẹ̀ kí o tó dáhùn ẹyọ kan

Ìgbésẹ̀ yìí ni ó yí iṣẹ́ mi padà jù lọ, òun náà ni ó sì ṣòro jù fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá. Mo bi obìnrin náà pé, “Kí ni àwọn ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ lónìí, mà?” Ó ka mẹ́ta sílẹ̀: èló ni sọ́fítíwíà náà, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, àti ṣé ó lè fi ọjọ́ tí oògùn kọ̀ọ̀kan yóò kọjá hàn án. Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an, mo kà wọ́n padà sí i létí, mo sì béèrè pé, “Ǹjẹ́ ó ku èyí kankan?” Ó ní rárá. Mo dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Àní, ṣé òṣìṣẹ́ lè pa ohun tí ó ti tẹ̀ sínú rẹ̀ rẹ́?”

Ìbéèrè tí ó bá jáde lẹ́yìn “rárá” ni mo máa ń fi àmì sí. Ohun tí ó rọrùn láti sọ ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ fún àlejò. Èyí tí ó wúwo máa ń dúró lẹ́yìn títí ara yóò fi tù ú. Bí mo bá ti dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀kẹrin kì bá tí jáde rárá.

Nígbà tí gbogbo ìbéèrè bá ti wà nílẹ̀, owó ni mo máa ń kọ́kọ́ dáhùn. Àwọn kan ń kọ́ olùtajà pé kí ó fi iye owó pamọ́ títí di òpin ìpè. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Nínú ọjà wa, ẹni tí a béèrè iye ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sọ ọ́, a ó rò pé ojú wa ni ó fẹ́ fi wọn iye náà. Nítorí náà, mo sọ iye tí ó kéré jù àti èyí tí ó pọ̀ jù, mo sì sọ ohun tí ó fa ìyàtọ̀: “Fún ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ó máa ń wà láàárín ₦40,000 sí ₦60,000 lóṣù. Iye ẹ̀rọ tí ẹ ó lò ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ èyí tí yóò jẹ́.” Lẹ́yìn náà ni mo wá bi í pé, “Kí ni ẹ ń ná báyìí lórí iṣẹ́ àkọsílẹ̀ yìí?” Ó ní òun ń san ₦25,000 lóṣù fún ọmọkùnrin kan tí ó máa ń wá tẹ ìwé ọjà sínú kọ̀ǹpútà ní ìparí oṣù. Ọ̀rọ̀ owó ti so èso kan nìyẹn, nítorí pé mo ti mọ̀ pé ó ń ná owó tẹ́lẹ̀ lórí ìṣòro kan tí kò tíì yanjú.

Mo wá ní kí ó yan èyí tí ó fẹ́ kí a kọ́kọ́ mú nínú mẹ́ta tí ó kù. Ó mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ oògùn.

Ìdáhùn kúkúrú, lẹ́yìn náà ìṣẹ̀lẹ̀

Ìdáhùn tí mo ń fún ìbéèrè kì í ju gbólóhùn méjì lọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdáhùn tòótọ́, nítorí pé ẹni tí a fi ìbéèrè dá ìbéèrè rẹ̀ lóhùn yóò rò pé a ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń wá ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó bí ìbéèrè náà: ìgbà wo ni ó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, kí ni ó fà á, kí ni ẹ ṣe sí i, àti báwo ni ó ṣe ń wáyé tó.

Ọ̀nà tí a gbà béèrè rẹ̀ ṣe pàtàkì ní èdè wa. “Kí ló dé tí ẹ fi béèrè bẹ́ẹ̀?” dà bí ìgbà tí a ń bá ènìyàn wí, pàápàá bí ó bá ju ni lọ, olùrà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀. “Ó jọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹlẹ̀ rí” máa ń ṣí ẹnu rẹ̀. Báyìí ni tiwa ṣe lọ:

“Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó lè kìlọ̀ fún yín ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, tàbí iye oṣù tí ẹ bá yàn. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ oògùn yìí ti fi ojú yín rí nǹkan. Ìgbà wo ni ó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn?”

“Hẹ̀ẹ̀n! Kò tíì pé oṣù kan. A yẹ pẹpẹ wò ní Bódìjà, oògùn bíi ti ₦210,000 ni a kó kúrò níbẹ̀.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Irú oògùn wo ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀?”

“Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó pọ̀ jù.”

“Kí ni ó mú kí ó ṣẹ́kù tó bẹ́ẹ̀ ní Bódìjà?”

“Àwọn oníbàárà wa méjì tí wọ́n máa ń rà á déédéé ti kó kúrò ládùúgbò. A ti ra ọjà sílẹ̀ nítorí wọn.”

“Ní àkókò yẹn, ṣé wọ́n ń rí oògùn yìí kan náà tà ní Mọ́kọ́lá àti ní Ríǹgì Róòdù?”

Ó dákẹ́. Mo kà dé mẹ́rin nínú ọkàn mi láìsọ̀rọ̀. Ó wá ní, “Wọ́n ń tà á. Kódà, Mọ́kọ́lá ra páálí méjì tuntun nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.”

Ẹ jẹ́ kí a dúró síbí díẹ̀. Ohun tí ó béèrè ni ìkìlọ̀ ọjọ́. Bí mo bá ta ìkìlọ̀ fún un, ìkìlọ̀ náà yóò máa dún ní Bódìjà pé oògùn yìí fẹ́ bàjẹ́, Bódìjà kò ní rí ẹni tà á fún, Mọ́kọ́lá yóò sì tún máa ra tuntun. Ìṣòro òwò rẹ̀ ni pé ṣọ́ọ̀bù kan kò rí ohun tí ó wà lórí pẹpẹ èkejì. Ìdí mélòó kan ni ó lè mú kí ọjọ́ oògùn kọjá, ìwòsàn wọn kò sì rí bákan náà. Ó lè jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ń kó tuntun síwájú èyí tí ó ti wà níbẹ̀, tí ògbólógbòó fi ń gbó sẹ́yìn. Ètò pẹpẹ ni yóò wo ìyẹn sàn. Ó lè jẹ́ pé olùpín ni ó ń ta oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ kò pẹ́ mọ́ ní ẹ̀dínwó; ìyẹn di ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń rà. Ó sì lè jẹ́ èyí tí obìnrin yìí ní. Olùtajà tí kò bá bi olùrà ní ohun tí ó fà á kò lè mọ èyí tí ó ń bá jà, yóò sì ta oògùn orí fún ẹni tí inú ń run.

Ìbéèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gba àkókò. Mo dáhùn pé ó ń ṣiṣẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tilẹ̀ sí, pé yóò sì fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ nígbà tí ó bá padà dé. Mo bi í nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó ní kí n béèrè.” Kò sí ọjọ́, kò sí ènìyàn, kò sí owó nínú ìdáhùn náà. Bí a ṣe ń dá ìbéèrè tí a yá lò mọ̀ nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi agbára wá ìṣòro sí ìdí rẹ̀. Mo fi àmì sí i pé mo ti dáhùn, a sì kọjá.

Ẹ̀kẹrin ni ó gba sùúrù. Mo ní, “Rárá mà, kò lè pa á rẹ́. Bí ó bá yí nǹkan padà, orúkọ rẹ̀ àti aago tí ó yí i yóò hàn. Bóyá irú rẹ̀ ti wáyé rí?” Ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ fún mi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọmọ kan tí òun fọkàn tán ń tajà láìkọ ọ́, àti pé ₦85,000 ni àwọn rí pé ó lọ kí àṣírí tó tú. N kò béèrè orúkọ ọmọ náà tàbí bí wọ́n ṣe mú un. Ojú máa ń ti ènìyàn láti sọ pé wọ́n ja òun lólè nínú ilé òun, ẹni tí a bá sì fi ìbéèrè há mọ́ níbẹ̀ yóò pa ẹnu rẹ̀ dé. Ohun tí mo béèrè ni ohun tí ó tẹ̀ lé e:

“Láti ìgbà náà, kí ni ẹ yí padà, mà?”

“Èmi fúnra mi ni mo ń lọ yẹ owó wò. Alaalẹ́, àyàfi ọjọ́ Àìkú. Láti Mọ́kọ́lá dé Bódìjà dé Ríǹgì Róòdù, bíi wákàtí méjì.”

“Kí ni ìyẹn kò jẹ́ kí ẹ ráyè ṣe?”

“Mo ti rí ilé kan ní Akóbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kẹrin. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo fi sílẹ̀. Ta ni yóò máa yẹ mẹ́rin wò lálẹ́?”

Ìbéèrè “Kí ni ìyẹn kò jẹ́ kí ẹ ráyè ṣe?” ni ó gbé wa láti orí ₦85,000 dé orí ẹ̀ka tí kò lè ṣí. Owó tí ọmọ náà kó ti lọ. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni yóò ra sọ́fítíwíà nítorí rẹ̀. Àmọ́ wákàtí méjì lóru mẹ́fà jẹ́ wákàtí 12 lọ́sẹ̀ kan, ó sì ń dí i lọ́wọ́ láti dàgbà.

Ẹnu olùrà ni kí iye owó ti jáde

Nígbà tí ó bá ku bí ìṣẹ́jú 12, mo máa ń tọrọ pé kí a jọ ṣírò. N kì í mú iye wá láti ibòmíràn, bí ẹni pé “àwọn ilé oògùn tó kù ń pàdánù báyìí báyìí.” Iye tí ènìyàn ṣírò fúnra rẹ̀ kò ní jiyàn sí lọ́la, ó sì lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn láìsí èmi níbẹ̀.

Ó ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń yẹ pẹpẹ wò. Ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí wọ́n kó dànù kẹ́yìn jẹ́ ₦420,000, èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ bíi ₦300,000. A pín in sí méjì, ó jẹ́ ₦360,000 ní oṣù mẹ́ta, èyí tí í ṣe ₦1,440,000 lọ́dún. Ibí yìí ni olùtajà tí ìkánjú ń bá máa ń dúró, tí yóò sì ní, “Ẹ wò ó, mà, mílíọ̀nù kan àti àbọ̀!” Kò tọ́. Mo bi í pé, “Nínú èyí, èló ni ẹ rò pé ṣọ́ọ̀bù mìíràn ìbá rí tà bí ó bá mọ̀ pé ó wà?” Ó ronú, ó ní bí ìdajì. Nítorí náà, ₦720,000 ni ohun tí a lè sọ pé ìṣòro yìí ń ná an lọ́dún. Ìdajì kejì ní ìdí mìíràn tí ọjà wa kò lè wò sàn. Tí a bá fi ₦50,000 lóṣù ṣe iye sọ́fítíwíà náà, ₦600,000 ni lọ́dún. Èrè tí ó kù kò tó nǹkan, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní mo ba ọjà ara mi jẹ́. Ṣùgbọ́n apoògùn tí ó ń fi ìṣirò jẹun yóò ṣe ìṣirò yẹn lálẹ́, bí ó bá sì rí i pé mo fi kún un, gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni yóò dànù. Mo wá ní kí ó sọ ohun tí Akóbọ̀ jẹ́ fún un. Ó ní òun kò lè fi iye kan sí i, ṣùgbọ́n òun ni ohun tí ó ń dun òun jù. A kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìfi nọ́ńbà sí i. Kì í ṣe gbogbo ìṣòro ni a ń fi agbára sọ di náírà.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí n kì í fò: “Kí ni ẹ ti ṣe sí i tẹ́lẹ̀?” Ó ní òun ti ní kí àwọn máníjà máa kọ oògùn tí ó fẹ́ bàjẹ́ sórí ẹgbẹ́ Wásáàpù, pé wọ́n ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì jáwọ́. Ìdáhùn yìí fi hàn mí pé bí àwa náà bá gbé iṣẹ́ kíkọ kún iṣẹ́ máníjà, tiwa náà kò ní pé oṣù kan.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn

Mo sọ ohun tí mo gbọ́ padà fún un ní gbólóhùn mẹ́ta, mo sì ní kí ó tún èyí tí kò tọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò pinnu. “Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó pinnu?” lè dun ènìyàn, bí ẹni pé a kò gbà pé òun ni ó ni ilé oògùn rẹ̀. Mo máa ń béèrè pé, “Ta ni ó tún yẹ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí ọkàn yín tó balẹ̀?” Ó dárúkọ ọkọ rẹ̀, tí ó ń bá a mójú tó owó, àti máníjà Bódìjà, tí yóò máa lò ó.

Ìgbésẹ̀ tí ó kàn gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, aago, àti iṣẹ́ lọ́wọ́ tọ̀tún-tòsì. A fi í sí ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú 45, pẹ̀lú àwọn méjèèjì tí ó dárúkọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tí sọ́fítíwíà náà lè ṣe ni n ó fi hàn. Òun yóò fi orúkọ oògùn 20, iye tí ó wà nílẹ̀ àti ọjọ́ wọn ránṣẹ́ láti Bódìjà àti Mọ́kọ́lá kí alẹ́ ọjọ́rú tó lẹ́. Èmi yóò kó wọn sínú rẹ̀, kí máníjà Bódìjà lè fi ojú ara rẹ̀ rí èyí tí Mọ́kọ́lá nílò. Bí ìwé oògùn náà kò bá dé ní ọjọ́rú, n kò ní ṣe ìfihàn náà lásán. N ó pè é, n ó sì béèrè bóyá ìṣòro náà ṣì ń dùn ún tó bí a ṣe rò. Ẹni tí kò ráyè kọ oògùn 20 sílẹ̀ kò tíì ṣe tán láti yí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ padà.

Lẹ́yìn ìpè náà

Kí wákàtí kan tó pé, mo ti fi àkópọ̀ ọ̀rọ̀ wa ránṣẹ́ sí i. Mo kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tí òun lò: pé Mọ́kọ́lá ń ra ohun tí Bódìjà ń kó dànù, ₦720,000 lọ́dún ní ìṣirò tirẹ̀, pé ó ń fi wákàtí méjì lálaalẹ́ yẹ owó wò, tí Akóbọ̀ fi ń dúró, pé nǹkan tí máníjà ní láti máa fi ọwọ́ kọ kò ní ṣiṣẹ́. Mo fi ọjọ́ àti aago ìpàdé wa àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mú wá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ọjà wa kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Bí mo bá ní ohùn ìpè náà lọ́wọ́, mo ń tún un gbọ́ ní ọjọ́ kejì. Ohun méjì ni mo ń wò. Àkọ́kọ́ ni bóyá èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdáhùn mi ti gùn ju bí ó ti yẹ lọ, mo sì ń wá ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Èkejì ni iye ìgbà tí olùrà dárúkọ ọjọ́, ènìyàn tàbí iye owó tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ìpè tí olùrà kò dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn, bí ó ti wù kí ó dùn tó, ìtàkùrọ̀sọ ni. Mo máa ń tọrọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i lọ́wọ́ rẹ̀ dípò kí n máa retí ìdáhùn rẹ̀.

Obìnrin náà fèsì sí àkópọ̀ mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ní bíi aago mẹ́sàn-án kọjá. Ó ní kí n tún ohun kan ṣe níbẹ̀: kì í ṣe wákàtí méjì, wákàtí mẹ́ta ni bí òjò bá rọ̀, pé inú mọ́tò ní iwájú ṣọ́ọ̀bù Mọ́kọ́lá ni òun ti ń kọ ọ́.